Al-Kùránì lẹ́yìn ikú Àńábì: ta ló kó o jọ?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa ẹ̀sìn ni. Wọ́n ní Àńábì ò fi odindi ìwé sílẹ̀ nígbà tó kú, ẹlòmíì tún ní Úsúmánù ló kọ Al-Kùránì tó sì dáná sun ìyókù. Èwo gan-an ni òótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣiṣẹ́ yẹn, nígbà Abúbákárì, kálífà tó kọ́kọ́ ṣolórí lẹ́yìn Àńábì, àti nígbà Úsúmánù, kálífà kẹta, àwọn èèyàn ló máa ń lú méjèèjì pọ̀ tọ́rọ̀ fi ń dàrú. Ẹnì kan náà ló sì ṣáájú iṣẹ́ méjèèjì, Sáédù ọmọ Sábítì ará Mẹ̀dínà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Àńábì kọ ìmísí sílẹ̀.

Nígbà tí Àńábì kú lọ́dún 632, gbogbo Al-Kùránì wà lórí àwọn tó há a sórí, ó sì wà lákọsílẹ̀ káàkiri, lára awọ, lára imọ̀ ọ̀pẹ dábínù, lára òkúta pẹlẹbẹ, tọ̀hún wà lọ́wọ́ lágbájá, tèyí wà lọ́wọ́ tàmẹ̀dù. Àlàyé àwọn alífáà ni pé ìmísí ò tíì dáwọ́ dúró nígbà ayé ẹ̀, áyà tuntun, ìyẹn ẹsẹ, lè dé lónìí kó bọ́ sáàárín súrà, ìyẹn orí, àtijọ́, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ di irú ìwé bẹ́ẹ̀ pa?

Kò pẹ́ ni ogun Yàmámà dé, tí wọ́n bá Músáílímà jà, ẹni tó pera ẹ̀ ní ànábì. Àwọn tó há Al-Kùránì kú níbẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù ba Úmárù, tó wá di kálífà lẹ́yìn Abúbákárì, ó lọ bá Abúbákárì pé ká kó o jọ kí wọ́n tó kú tán, Abúbákárì ní báwo lòun ṣe máa ṣe ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ò ṣe. Úmárù ò dákẹ́ títí tó fi gbà. Wọ́n pe Sáédù, ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà yẹn, òun náà ní ká ní wọ́n ní kóun gbé òkè láti ibì kan sí ibòmíì, kò ní wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó dùn nìyí o. Sáédù fúnra ẹ̀ há a, ó lè jókòó kó kọ ohun tó wà lórí ẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wá àkọsílẹ̀, ìtàn kan tiẹ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì ló ń bèèrè kó tó gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Áyà méjì tó parí súrà Táobà, ọ̀dọ̀ Abú Kúsáímà nìkan ló ti rí i. Ẹ má rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n o, àwọn onímọ̀ ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n, torí tí Sáédù ò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé nǹkan kan kù?

Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ Abúbákárì, ó bọ́ sọ́wọ́ Úmárù, lẹ́yìn náà ọmọ ẹ̀ Afúsátù, ìyàwó Àńábì. Wọn ò fi ránṣẹ́ síbì kankan, oníkálukú ṣì ń ka tiẹ̀.

Nígbà tó tó nǹkan bí ọdún 650, Hudéífà, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Àńábì, wà lójú ogun ní Améníà àti Asabaijáànì, ó rí i táwọn ọmọ ogun Ṣáámù àti Íráàkì ń bára wọn jà lórí bí wọ́n ṣe ń kà á. Ó sáré wá bá Úsúmánù. Úsúmánù yá ìwé Afúsátù, ó yan Sáédù pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta látinú Kùráéṣì, ẹ̀yà Àńábì, ó ní tẹ́nu yín ò bá kò, ẹ kọ ọ́ bí Kùráéṣì ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n dà á kọ, wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn ìlú ńlá, wọ́n dá ìwé Afúsátù padà fún un, Úsúmánù wá ní kí wọ́n sun ìyókù. Kì í ṣe pé gbogbo èèyàn gbà o, Ibn Masúùdù, sàhábà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní Al-Kùránì ní ìlú Kúfà ní Íráàkì, bínú gidi, ó ní òun ti gba súrà tó lé ní 70 lẹ́nu Àńábì nígbà tí Sáédù ṣì ń bá àwọn ọmọdé ṣeré.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ dọ̀kan, kí ló dé táwọn kan ń ka “Máliki” nínú Fátíhà, táwọn kan ń ka “Mááliki”?

Ìdáhùn: Torí lẹ́tà lásán ni wọ́n kọ nígbà Úsúmánù. Kò sí àmì fáwẹ́lì bíi fátáhà àti kásíra, àmì tó-tó-tó tó ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n fi kún un díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yẹn, míímù, láámù àti kááfù, kò sí álífù láàárín, torí náà èèyàn lè fà á, ó sì lè má fà á. Ọ̀nà ìkà tí wọ́n ń pè ní Wáríṣì, tó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í fà á. Ọ̀nà Háfísì, tó pọ̀ nínú àwọn Al-Kùránì tí wọ́n ń tẹ̀ báyìí, máa ń fà á. Ẹnu olùkọ́ ni wọ́n ti ń gba méjèèjì látijọ́, lẹ́tà tí Úsúmánù fi ránṣẹ́ sì gbà wọ́n.