Iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ títà ni kí ọ́dà máa rántí

Oníṣòwò kan pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kọ̀ǹpútà òun ń purọ́. Ó ti tẹ àpapọ̀ owó tó pa lóṣù kẹta jáde, akáǹtáǹtì rẹ̀ sì ti to ìwé náà sínú fáìlì. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó tún tẹ àkọsílẹ̀ oṣù kẹta yẹn kan náà, iye tó jáde kò bá ti àkọ́kọ́ mu. Ẹnikẹ́ni ò fi ọjà kún un, ẹnikẹ́ni ò pa ọ́dà kankan rẹ́. Mo ní kó tún un tẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Iye mìíràn tún ni.

Mo ti fura sí ohun tó fà á kí n tó ṣí ètò náà wò. Ó ń tajà ní yúrò àti yẹ́ẹ̀nì, ṣùgbọ́n dọ́là ló fi ń ṣírò owó rẹ̀. Ẹni tó bá a kọ ètò náà tọ́jú iye yúrò tí oníbàárà san, ó sì fi mọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti béèrè iye rẹ̀ ní dọ́là, ètò náà á lọ wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ yúrò lónìí, á sì fi ṣírò. "Lónìí" yẹn gan-an ni wàhálà. Ọ́dà tó ti parí lóṣù kẹta ń para dà láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ́dà kan ṣoṣo. Oníbàárà ra ọjà 200 yúrò lọ́jọ́ tí yúrò kan jẹ́ dọ́là 1.10. Dọ́là 220 nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yúrò wálẹ̀ sí 1.04. Tí ètò bá tún un ṣírò, dọ́là 208 ló máa sọ pé ẹ pa. Dọ́là 12 ti pòórá nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan owó. Ẹ wá ro ó mọ́ ẹgbẹ̀rún ọ́dà.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ọ́dà kọjá iye kan ṣoṣo. Bí mo ṣe máa ń tò ó rèé:

```sql
CREATE TABLE orders (
  id               BIGINT PRIMARY KEY,
  currency         CHAR(3) NOT NULL,
  total_minor      BIGINT NOT NULL,
  base_currency    CHAR(3) NOT NULL,
  base_total_minor BIGINT NOT NULL,
  fx_rate          NUMERIC(20,10) NOT NULL,
  fx_rate_at       TIMESTAMPTZ NOT NULL
);
```

Méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn `id` ni owó tí oníbàárà san gan-an, méjì tó tẹ̀ lé e ni iye rẹ̀ nínú owó tí ẹ fi ń ṣírò. `fx_rate` ni iye pàṣípààrọ̀ tí ẹ lò, `fx_rate_at` sì ni ìgbà tí iye náà jẹ́ òótọ́. Inú ọ́dà fúnra rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ iye pàṣípààrọ̀ sí tébù mìíràn, tí ọ́dà wá kàn ń tọ́ka sí i. Kò burú, títí ọjọ́ tí ẹnì kan fi kọ iye tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ọ̀rọ̀ tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, tí iye pàṣípààrọ̀ bá ti wà níbẹ̀, kí la tún ń tọ́jú iye dọ́là fún? Ṣebí a lè ṣírò rẹ̀ nígbàkígbà. Nítorí sẹ́ǹtì ni. Ká ní oníbàárà ra nǹkan mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan yúrò 3.33, tí yúrò sì jẹ́ dọ́là 1.085. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, dọ́là 3.61 ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di 10.83. Tí ẹ bá ṣẹ́ àpapọ̀ 9.99 lẹ́ẹ̀kan náà, dọ́là 10.84 ni. Sẹ́ǹtì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òun ni akáǹtáǹtì máa fi gbogbo ọjọ́ wá. Èmi máa ń ṣẹ́ àpapọ̀, màá sì fi sẹ́ǹtì tó bá ṣẹ́kù kún ọ̀kan nínú àwọn ọjà. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún un ṣírò mọ́.

Ẹ tún kíyè sí `NUMERIC(20,10)` yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi nọ́ńbà méjì péré sẹ́yìn póìntì, torí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ owó. Iye pàṣípààrọ̀ kì í ṣe owó. Ká ní yẹ́ẹ̀nì kan jẹ́ dọ́là 0.0067. Nínú kọ́lọ́ọ̀mù tó gba nọ́ńbà méjì, 0.01 ló máa dà. Ọjà 15,000 yẹ́ẹ̀nì, tó yẹ kó jẹ́ dọ́là 100.50, á wá di dọ́là 150. Kọ̀ǹpútà ò ní pariwo rárá. Yẹ́ẹ̀nì kan náà ni kò ní sẹ́ǹtì: 15,000 ni ẹ máa kọ sí `total_minor`, nígbà tí 200 yúrò máa wọlé bíi 20000. Dínárì Kuwait ní tirẹ̀ pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ìlànà ISO 4217 ló to iye tí owó kọ̀ọ̀kan pín sí, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá dá ọjà padà lẹ ó mọ̀ bóyá ètò yín dára. Oníbàárà wa dá ìdajì ọjà rẹ̀ padà nígbà tí yúrò ti di 1.04. 100 yúrò ni ẹ máa dá padà fún un, torí yúrò ló san. Ètò tó bá tọ́jú dọ́là nìkan á sọ pé ìdajì 220 jẹ́ 110, á wá ṣẹ́ ẹ padà sí yúrò lónìí, oníbàárà á gba yúrò 105.77. Inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ṣe ni yúrò gòkè, tí iye tó gbà kò pé 100, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Nínú ìwé tiyín, dọ́là 110 ni kí ẹ yọ kúrò nínú ọjà títà, torí 1.10 ni ẹ fi kọ ọ́ wọlé. Ká gbójú fo owó iṣẹ́ báǹkì, dọ́là 104 ni 100 yúrò náà jẹ yín gan-an lọ́jọ́ náà. Dọ́là 6 tó wà láàárín ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, èrè orí pàṣípààrọ̀. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọjà títà.

Ní ti oníṣòwò wa, àwọn ọ́dà àtijọ́ kò ní iye pàṣípààrọ̀ kankan. Báǹkì Àpapọ̀ Yúróòpù ń gbé iye yúrò jáde lọ́jọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ọdún 1999 ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Mo fi iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kún àwọn ọ́dà náà. Ti òpin ọ̀sẹ̀ gba iye ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, torí wọn kì í gbé e jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú. Mo wá fi kọ́lọ́ọ̀mù kan sí i, `fx_estimated`, kí akáǹtáǹtì lè mọ èyí tó jẹ́ àfikún ẹ̀yìn yàtọ̀ sí èyí tí ọ́dà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí n yọ ọ́ kúrò, pé ó ń ba ojú ìwé jẹ́. Mi ò yọ ọ́.