SPY àti SPX: ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí àdéhùn bá parí

Ọ̀pọ̀ tó ń ta ọ́púṣọ̀n, ìyẹn àdéhùn tó fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti ra nǹkan tàbí láti tà á ní iye tí wọ́n ti fi sílẹ̀, gbà pé ọ̀kan náà ni SPY àti SPX, nítorí òṣùwọ̀n S&P 500 ni méjèèjì ń tẹ̀lé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. SPY jẹ́ ìpín tí èèyàn lè rà kó sì fi pamọ́, nítorí náà ẹni tó bá ta ọ́púṣọ̀n rẹ̀ ti ṣèlérí láti gba 100 ìpín tàbí láti kó 100 ìpín sílẹ̀. SPX kò ṣe é gbé fúnni, òǹkà lásán ni. Owó ìyàtọ̀ nìkan ni wọ́n ń san lórí rẹ̀.

Ká sọ pé ẹnì kan ta ọ́púṣọ̀n ìtà SPY, èyí tó fún ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ìpín fún un ní 600 dọ́là, ó sì ra ti 595 kó lè dáàbò bo ara rẹ̀. Lójú tirẹ̀, àdánù kankan ò lè ju 500 dọ́là lọ. Lọ́jọ́ Fúráídè tí àdéhùn parí, ọjà tì ní 600.20, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àmọ́ títí di aago 5:30 ìrọ̀lẹ́ ní Niu Yọ́ọ̀kì, ẹni tó ni ọ́púṣọ̀n náà ṣì lè sọ fún alágbàtà rẹ̀ pé òun fẹ́ lò ó. Ìròyìn burúkú dé ní aago 5, SPY já sí 596, onítọ̀hún sì lò ó. OCC, ilé tó ń ṣe àṣepárí ọ́púṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ṣẹ́ kèké láàárín àwọn alágbàtà. Alágbàtà tí kèké mú sì yan ọkùnrin wa. Ó di ẹni tó ra 100 ìpín ní 60,000 dọ́là. Ọ́púṣọ̀n 595 tó fi ṣe ààbò ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọjà bá ṣí ní 590 lọ́jọ́ Mọ́ńdè, 1,000 dọ́là ló ti lọ, ìlọ́po méjì ohun tó rò.

Ká ní SPX tó ń parí nírọ̀lẹ́ ló tà, ní 6,000, tí òṣùwọ̀n sì tì ní 6,002, kò sí gbèsè kankan, ìròyìn aago 5 ò sì kàn án. Bó bá tì ní 5,990, yóò san 10 lọ́nà 100, ìyẹn 1,000 dọ́là, ọ̀rọ̀ sì parí. Kí ẹ rántí o, àdéhùn SPX kan tó mẹ́wàá SPY.

Ewu SPY kì í dúró de ọjọ́ ìkẹyìn pàápàá, torí wọ́n lè lò ó lọ́jọ́kọ́jọ́. Ọ́púṣọ̀n ìrà ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ìpín pàdánù ẹ̀tọ́ sí èrè tí wọ́n ń pín, torí ẹni tó ni ín lè lò ó kó lè gba èrè náà. Ẹ wo iye owó tí wọ́n ń ta ọ́púṣọ̀n ìtà tó bá ìrà yẹn mu ní iye àdéhùn àti ọjọ́ ìparí. Bó bá kéré sí èrè náà, ẹ ra èyí tí ẹ tà padà kí ọjà tó tì. SPX kò ní irú ìṣòro yìí, ọjọ́ ìparí nìkan ni wọ́n ń lò ó.

Ibì kan ṣoṣo ni SPX fi ń tan èèyàn jẹ: àdéhùn oṣooṣù ti Fúráídè kẹta. Ọjọ́bọ̀ ni títà rẹ̀ ń dópin, àmọ́ iye tí ìpín kọ̀ọ̀kan fi ṣí láàárọ̀ Fúráídè ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹ óò sun mọ́jú láìlè ta nǹkan kan. Èyí tó ń parí nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ ní SPXW; ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yẹn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.