Bí Ilé Búrẹ́dì Ògbómọ̀ṣọ́ Ṣe Lè Ní Olówó ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kò le mọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ní Nàìjíríà gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, orí ayélujára ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ohun tó ń da iṣẹ́ ẹni tó wà lókè òkun rú ni ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn ń gbà á, pé kí ó ṣáà ti wá ẹni tó ṣe é fọkàn tán, pàápàá ọmọ ìyá rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò tó, nítorí ìwà rere kì í ka àpò fúláwà, kì í sì í kọ ìwé ìṣirò.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yóò sì jẹ́ máníjà. Bí àbúrò náà bá ń ra fúláwà, tó ń ta búrẹ́dì, tó ń gba owó, tó sì tún ń kọ ìwé, kò sí ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi lè mọ bí ọjà ṣe lọ ju kí ó bi í léèrè lọ. Lọ́jọ́ tí owó bá dín, èsì tí yóò gbọ́ ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé mo jí i ni?" Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti búrẹ́dì.

Àwọn alájọ ti rí ojútùú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Bí alájọ bá gba owó lọ́wọ́ ìyá aláta, a sàmì sí káàdì tó wà lọ́wọ́ ìyá, a sì tún kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ méjì ni, ó wà lọ́wọ́ ẹni méjì tí àǹfààní wọn yàtọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan kò fi lè yí iye padà kí èkejì má tú u fó. Ìyá aláta kò bú alájọ nípa pé káàdì wà lọ́wọ́ òun, alájọ kò sì bínú. Káàdì yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n jà.

Ní ilé búrẹ́dì, fúláwà ni káàdì. Kílò 50 ni àpò kan. Bí wọ́n bá fi omi kílò 25 pò ó, pẹ̀lú ṣúgà, bọ́tà àti ìyókù tó jẹ́ kílò 8, gbogbo rẹ̀ di kílò 83. Bí wọ́n bá ń gé e ní gíráàmù 800, yóò mú búrẹ́dì 103 jáde. Ká yọ mẹ́ta fún èyí tó jóná, ó ku 100. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù, tí kì í ṣe ẹni tí máníjà mú wá, yóò máa fi iye àpò tó jáde ránṣẹ́ lórí Wásáàpù láràárọ̀, ẹni tó ń pín búrẹ́dì fún àwọn oníbàárà yóò sì fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀.

Bí àpò 6 bá jáde, tí búrẹ́dì jẹ́ 540 dípò 600 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, olè kọ́ ló yẹ kí ọkàn kọ́kọ́ lọ sí. Ẹ ní kí wọ́n wọn èyí tí wọ́n gé lórí òṣùwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 890, àpò kan kò ní mú ju 93 jáde. Mẹ́ta bàjẹ́, ó ku 90, ìdí ọ̀ràn sì ti hàn láìsí ẹ̀sùn. Bí ó bá jẹ́ 800 géérégé, ìgbà náà ni kí ẹ wá béèrè ibi tí 60 wọlé sí.

Ní ti báńkì, kí máníjà máa kọ ìsanwó sílẹ̀ lórí áápù ilé-iṣẹ́, kí olówó sì máa fọwọ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù kí owó tó jáde, yàtọ̀ sí owó kékeré fún dísù.

Owó ìfiránṣẹ́ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀, nítorí "ọ̀fẹ́ ni" kì í sọ iye tí wọ́n fi ṣẹ́ owó. Ká ní ẹnì kan fi 1,000 pọ́n-ùn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1,900 náírà sí pọ́n-ùn kan: 1,900,000 ló dé. Ẹlòmíràn gba 3 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́ ẹ ní 1,960: 1,954,120 ló dé. Ọ̀fẹ́ yẹn gba ohun tó lé ní 54,000 náírà. Iye náírà tó dé ọwọ́ ni kí a máa fi wé ara wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé owó tó gba àpò báńkì ọmọ ìyá wọlé kò ní ìwé. Lábẹ́ òfin pàṣípààrọ̀ owó ti ọdún 1995, bí pọ́n-ùn bá gba báńkì tó ní àṣẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí owó ìdókòwò, báńkì náà yóò fún olówó ní ìwé ẹ̀rí láàárín wákàtí 24. Ìwé yẹn ni olówó yóò fi ra owó òkèèrè ní ọjà ìjọba nígbà tó bá fẹ́ kó èrè tàbí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà. Òfin náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó wúwo fún ẹni tó ń fi owó oṣù kọ́ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi sàn kí nọ́ọ̀sì náà kó owó ààrò àti ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun jọ, kí ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú àpò ilé-iṣẹ́, kí ó sì ti bá báńkì sọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí náà kí owó tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù.