Ẹ Fọwọ́ Kan Ara Yín, Ẹ Má Lépa Ohunkóhun

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún tọkọtaya tí ìbálòpọ̀ ti di ìṣòro láàárín wọn ni pé kí wọ́n má bá ara wọn lò pọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa wò mí lójú bíi pé mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wá. Wọ́n wá nítorí pé wọn ò rí i ṣe, èmi náà tún ní kí wọ́n má ṣe é. Àmọ́ orí òfin yẹn gan-an ni ìtọ́jú tí mo ń fún wọn, ìyẹn fífọwọ́ kan ara láìlépa ohunkóhun, dúró lé. Ẹni tí kò bá pa á mọ́, ọwọ́ ló kàn ń fi pa ara ẹnì kejì rẹ̀ lásán.

Sẹ́nséètì fókọ́ọ̀sì ni àwa oníṣẹ́ yìí ń pe ìtọ́jú náà. William Masters, tó jẹ́ dókítà àwọn obìnrin, àti Virginia Johnson ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni tọkọtaya máa fi wà lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rí àwọn tó wá bá wa, ilé wọn ni wọ́n sì ti ń ṣe iṣẹ́ tí a bá fún wọn.

Ohun tí Masters àti Johnson rí ni pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í sí lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ ní tòótọ́. Ó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di òǹwòran ara rẹ̀: Ṣé ó ti ń dìde? Ṣé kò ní wálẹ̀? Kí ni ìyàwó mi ń rò báyìí? Nígbà tí ọkàn bá ń ṣe báyìí, ara a rò pé ewu ń bọ̀. Àyà á máa yára lù, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sí apá àti ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sáré, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó ṣí ní ojú ara ọkùnrin á fún pọ̀. Ti obìnrin náà rí bẹ́ẹ̀: omi ara kì í wá, iṣan á le. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ara pé kó dìde tàbí kó rọ̀, bí a kò ṣe lè pàṣẹ fún oorun. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ tí ẹ ń sọ fún ara yín pé ẹ gbọ́dọ̀ sùn kíákíá, ilẹ̀ lè mọ́ bá yín lójúfò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tọkọtaya kan. Mo ti pa àwọn nǹkan kan dà nínú ìtàn wọn kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ọkọ ń lọ sí ọdún márùndínláàádọ́ta, ìyàwó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógójì, ọmọ mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí àárẹ̀ mú un, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò dìde. Ká ní ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ ni, ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti ń ṣọ́ ara rẹ̀, kò sì dìde bákan náà. Ó ra àgbo, ó ra oògùn tí ẹnikẹ́ni ò kọ fún un. Nígbà tó yá, ó ń jókòó sí pálọ̀ títí ìyàwó á fi sùn. Ìyàwó ní tirẹ̀ ti gbà pé ó ti lẹ́nìkan níta. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi, oṣù keje rèé tí wọn kò ti fọwọ́ kan ara wọn, kódà lójú ọ̀nà ilé ìdáná.

Kí n tó fún wọn níṣẹ́ kankan, mo ní kí ọkọ lọ rí dókítà fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Mo sì bi í bóyá nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ máa ń le bó bá jí láàárọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmì tó dára nìyẹn, torí ó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ń ṣiṣẹ́, pé ìgbà tí òǹwòran bá ti jí ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀ mọ́ rárá, ní òwúrọ̀ tàbí nígbàkigbà, ọ̀dọ̀ dókítà ni ǹ bá kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ sí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n pa fóònù. Kí iná díẹ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ ti làǹtánì, kí wọ́n lè ríra. Kí wọ́n má mu ọtí ṣáájú. Kí wọ́n bọ́ aṣọ bí ara bá gbà á. Bí kò bá gbà á, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ díẹ̀ lára. Ẹnì kan á máa fọwọ́ kan, èkejì á dùbúlẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á wá pààrọ̀. Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀yìn kí ó tó kan iwájú, àmọ́ ọmú àti ojú ara di èèwọ̀. Kò sí fífẹnu konu, kò sí ìbálòpọ̀, bó ti wù kí ara wọn gbóná tó. Ẹni tó bá pe èkejì lónìí, ẹnì kejì ló máa pè lọ́la, kó má baà di pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀.

Ibi tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí: ẹni tó ń fọwọ́ kan kò ṣe é láti dùn mọ́ ẹnì kejì nínú. Ara tirẹ̀ ló ń ṣe é fún. Nǹkan mẹ́ta péré ni kó fiyè sí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀: ṣé ibí yìí gbóná àbí ó tutù, ṣé ó kúnná àbí kò kúnná, ṣé ó le àbí ó rọ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti ṣáko lọ síbi owó ilé tàbí síbi pé ṣé ó ti ń dìde, kó má bá ara rẹ̀ jà, kó kàn padà síbi gbígbóná àti títutù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tó dùbúlẹ̀: bí ibì kan bá ń rìn ín tàbí tó ń dùn ún, kó rọra gbé ọwọ́ ẹnì kejì kúrò níbẹ̀. Nítorí iṣẹ́ yẹn ni ẹni tó ń fọwọ́ kan kò fi ní láti máa bẹ̀rù. Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n má bi ara wọn pé “Ṣé o gbádùn rẹ̀?” Ìbéèrè tó tọ́ ni “Kí lo ṣàkíyèsí?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń fúnni ní máàkì, èyí kejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Tọkọtaya tí mò ń sọ kùnà lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyàwó ń fi òróró wọ́ ọkọ lẹ́yìn bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ọkọ náà, bó bá ti kàn án, á máa bi í pé “Ìyá Tóbi, ṣé ó dára báyìí?” Mo ní kí wọ́n jù òróró sílẹ̀, kí wọ́n rọra ṣe é, torí pé wíwọ́ra jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe fún ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n padà wá, ọkọ ní òun rí i pé ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó òun kò kúnná, pé ibi kòtò lẹ́yìn orúnkún rẹ̀ tutù ju gbogbo ara tó kù lọ. Ó ní, “Mà, ọdún mẹ́rìndínlógún rèé, mi ò mọ̀.” Ìyàwó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ dìde láàárín iṣẹ́ náà. Inú wọn dùn, wọ́n gbàgbé òfin, wọ́n gbìyànjú láti bá ara wọn lò pọ̀. Kí wọ́n tó wọlé, ó ti wálẹ̀. Ó bínú débi pé ó sùn ní pálọ̀. Mo máa ń retí ọjọ́ yìí, ó sì wúlò púpọ̀ láti jókòó sọ ọ́. Nígbà tí kò sí ohun tó ń lé, ara dìde fúnra rẹ̀. Ní kété tí ó di ohun tí wọ́n fẹ́ lò kó tó bọ́, òǹwòran padà dé. A padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó fi ọmú àti ojú ara kún un, àmọ́ bákan náà ni wọ́n ṣe ní láti fọwọ́ kàn án bí wọ́n ṣe ń kan èjìká: gbígbóná, kíkúnná, líle. Kí ọwọ́ má dúró síbẹ̀, kó máa kọjá lọ sí itan, sí ikùn, kó tún padà. Nígbà mìíràn, ẹni tó dùbúlẹ̀ á gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ẹnì kejì láti fi bó ṣe fẹ́ ẹ hàn láìsọ̀rọ̀. Mo tún sọ fún wọn pé bí nǹkan ọmọkùnrin bá dìde, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ títí á fi wálẹ̀, kí wọ́n tún máa bá a lọ. Ó padà dìde. Ó tún wálẹ̀, ó tún dìde. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, èyí ló tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀ jù. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti oṣù méje ni pé bó bá ti wálẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyàwó jókòó lókè, ó fúnra rẹ̀ mú un wọlé, wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́ láìmira, kí wọ́n kàn mọ bó ṣe gbóná tó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mira díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n ka iye ìgbà tó ṣeé ṣe. Mo gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má kà á.

Ibì kan wà tí mi ò ní bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí rárá. Bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, tàbí tí ẹnì kan nínú wọn kò fẹ́ ẹ tí wọ́n fipá mú un wá, ara kò lè balẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ tó ń bà á lẹ́rù. Bí ìbálòpọ̀ bá ń dun obìnrin, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ rí lè ṣe é, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti láti ibi tó kéré jọjọ, bóyá àtẹ́lẹwọ́ nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó máa ń sùn lọ nígbà iṣẹ́ náà, tàbí tí wọ́n ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé àyè kò sí, mi ò ní bá wọn wí. Mo máa ń bi wọ́n nípa ìbínú tó wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì sọ.

Ìyá Tóbi pè mí ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí a parí. Ó ní nígbà mìíràn, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn máa ń ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn á sì sùn.