Bí x bá ń lọ sí àìlópin, páwà tó ga jù ló ń pinnu

Ẹ wo fọ́ńṣọ̀n yìí, tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àkójọ páwà x:

f(x) = (3x² + 500x − 1) / (2x² + 9)

Bí x bá ń pọ̀ sí i láìdúró, ibo ni iye f(x) ń lọ? Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó lè rò pé 500x ni yóò pinnu, nítorí nọ́ńbà tó wà níwájú x níbẹ̀ ló tóbi jù. Bí a bá fi 10 sí ipò x, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: 3x² jẹ́ 300 péré, 500x sì jẹ́ 5,000, ìdáhùn sì lé díẹ̀ ní 25. Àmọ́ tí x bá di 1,000, 3x² ti di 3,000,000 nígbà tí 500x ṣì wà ní 500,000, ìdáhùn sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1.75. Tí x bá wá di 1,000,000, ìdáhùn á jẹ́ nǹkan bí 1.50025. 1.5 ló ń sún mọ́, ìyẹn 3/2, àwọn nọ́ńbà tó wà níwájú x² lókè àti nísàlẹ̀.

Kí ló fà á? A kò lè kàn fi àìlópin sí ipò x, nítorí àìlópin kì í ṣe nọ́ńbà. Àìlópin lórí àìlópin kò sọ nǹkan kan fún wa. Kì í ṣe 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Ohun tí a máa ṣe ni pé ká fi páwà tó ga jù nísàlẹ̀, ìyẹn x², pín gbogbo ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀. Iye fọ́ńṣọ̀n náà kò ní yí padà:

(3 + 500/x − 1/x²) / (2 + 9/x²)

Báyìí, ohun gbogbo ti hàn kedere. Bí x ṣe ń pọ̀ sí i ni 500/x ń kéré sí i, títí tí yóò fi sún mọ́ òdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1/x² àti 9/x². Ohun tó ṣẹ́ kù ni 3 lórí 2. 500 tó tóbi yẹn kàn mú kí ó pẹ́ díẹ̀ ni, kò lè yí ibi tí à ń lọ padà.

Tí páwà ìsàlẹ̀ bá ga ju ti òkè lọ, bíi (5x + 8)/(x² + 1), ìpín yìí kan náà á sọ òkè di 5/x + 8/x², tó ń lọ sí òdo, nígbà tí ìsàlẹ̀ ń lọ sí 1. Líìmítì rẹ̀, ìyẹn iye tó ń sún mọ́, jẹ́ òdo. Tí ti òkè bá ga jù, kò sí nọ́ńbà kankan tó lè dá a dúró. Ẹ mú (x³ − 4x)/(2x² + 1): lẹ́yìn ìpín, x − 4/x ló kù lókè, ìsàlẹ̀ sì ń lọ sí 2. Fọ́ńṣọ̀n náà ń gòkè láìlópin. Àmì ló yẹ ká ṣọ́ níhìn-ín, torí pé tí x bá ń lọ sí apá òdì, fọ́ńṣọ̀n yìí náà á máa lọ sísàlẹ̀ láìlópin.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn mú ohun tó kọ́kọ́ rí dípò páwà tó ga jù. Nínú (4 + x − 6x³)/(3x³ + 10x²), 4 ló ṣáájú lókè, síbẹ̀ −6 lórí 3 ni ìdáhùn, ìyẹn −2. Bákan náà, (2x − 1)³/(x(x + 5)²) ń lọ sí 8, kì í ṣe 2, nítorí páwà 3 tó wà lórí àkámọ́ kan 2 náà.

Èyí tó tún fara sin jù ni (( x + 1)² − x²)/(3x + 7). Ó dà bíi pé x² wà lókè, ẹni tó bá sì kánjú á ní àìlópin ni ìdáhùn. Ẹ tú àkámọ́ náà ná: x² méjèèjì pa ara wọn rẹ́, 2x + 1 ló kù, líìmítì sì jẹ́ 2/3. Tí iyè méjì bá wà, ẹ fi 1,000 sí ipò x: òkè á jẹ́ 2,001, ìsàlẹ̀ 3,007, tó jẹ́ nǹkan bí 0.665.

Ọ̀nà yìí wà fún àìlópin nìkan. Tí x bá ń lọ sí òdo nínú fọ́ńṣọ̀n àkọ́kọ́ wa, 3x², 500x àti 2x² ló máa pòórá, líìmítì á sì jẹ́ −1/9: −1 àti 9 tí a fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ṣáájú nìkan ló kù.