Bébà ní kò sí nǹkan, ọwọ́ ní ó wà

Obìnrin ẹni ọdún 43 kan tó ń ta iṣu l'Ọ́jà Ọba níbí l'Ákùúrẹ́ wọlé wá bá mi pẹ̀lú bébà kan tó ti ká sí mẹ́rin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e. Ó ní, "Dọ́kítà, ẹ má bínú o, wọ́n ti yẹ̀ mí wò níbòmíì. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan yìí ń tóbi sí i."

Bébà náà kò parọ́. Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ kókó tó wà nínú ọmú rẹ̀, wọn ò sì rí jẹjẹrẹ nínú ìwọ̀nba ohun tí wọ́n fà jáde. Ohun tí bébà kò lè sọ ni bóyá inú kókó gan-an ni abẹ́rẹ́ dé, àbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbà kọjá.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta la máa ń pè sórí kókó ọmú: ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ wò, àwòrán tó fi inú rẹ̀ hàn, àti ẹran tí wọ́n mú níbẹ̀. Bí ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá kò, ẹjọ́ kò tíì parí nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́. Kókó náà wà nínú ọmú ọ̀tún, ó le bí òkúta, kò dùn ún, kò sì yẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ tì í. Awọ tó wà lókè rẹ̀ fà wọnú díẹ̀ nígbà tó gbé apá sókè. Ìgbà tó ń wẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn án, torí ọṣẹ máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ lára. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmú ara rẹ̀, kí ó dúró di bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀, torí ọmú máa ń wú, ó sì máa ń ṣe kókókókó kí nǹkan oṣù tó dé. Ikùn ìka mẹ́ta àárín ni kí ó lò, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Kí ó máa yí i ká ní kékeré, kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, kó wá tẹ̀ ẹ́ títí dé egungun ìhà, kó sì wọ abíyá. Ìwádìí ńlá kan ní Ṣàngáì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé kíkọ́ àwọn obìnrin ní èyí nìkan kò dín iye tí jẹjẹrẹ ọmú ń pa kù. Nítorí náà n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti bọ́ nítorí pé ó ń tẹ ọmú wò lóṣooṣù. Ẹni tó mọ bí tirẹ̀ ṣe rí ló máa tètè mọ̀ nígbà tó bá yí padà.

Síkáànù ni ẹlẹ́rìí kejì. Etí kókó náà ṣe jágajàga, ó sì ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. A kì í fẹ́ràn irú ìyẹn. A ya màmógíràmù pẹ̀lú, ìyẹn àwòrán X-ray ọmú, òun náà sì fu wá lára. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ jáde ní mímọ́, kókó tí ọwọ́ ti bà kò ní torí rẹ̀ di àsọtán, torí ó máa ń fo àwọn kan, pàápàá nínú ọmú tó ki.

Ẹlẹ́rìí méjì ti fẹ̀sùn kàn án, ẹ̀kẹta, ìyẹn bébà àkọ́kọ́, ní kò ṣe nǹkan. Mo ní ká tún mú ẹran, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó nípọn tó ọ̀pá tàdáwà inú báírò. Ojú rẹ̀ yí padà. "Wọ́n ní bí irin bá kan án, ṣe ló máa tàn káàkiri." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí débi pé mo lè kà á lórí. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń tàn án. Pípẹ́ nílé ló ń fún un láyè. A pa ojú ibẹ̀ kú, a fi síkáànù tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà, a sì mú ègé ẹran tín-ín-rín márùn-ún.

Kíá la sọ wọ́n sínú fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, èyí tó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Níbí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ẹbí aláìsàn ló sábà máa ń gbé ìgò lọ sí láàbù, mo sì ti rí ẹran tí wọ́n kó sínú omi lásán, tó ti jẹrà nínú ooru kó tó débẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni kókó tí wọ́n gé kúrò pátápátá, tí wọ́n sì jù nù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo ara ìgò náà kí ẹ tó gbé e: orúkọ, ọmú ọ̀tún tàbí òsì, àti aago tí wọ́n mú un.

Èsì jáde lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Jẹjẹrẹ ni, irú tó ń jẹun lára họ́mọ́nù obìnrin, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé oògùn oníhóró tó ń dí họ́mọ́nù náà lọ́nà yóò wà nínú ìtọ́jú rẹ̀. A kì bá tí mọ èyí bí ẹran náà bá ti jẹrà.

Ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 22, ló wá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. "Sà, èmi náà ní ọ̀kan." Tirẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ìka bíi kóró àgbálùmọ̀. Síkáànù fi hàn pé etí rẹ̀ dán, ó sì fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. A mú ẹran níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì sí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó padà wá fún síkáànù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.