Òfíntótó lórí ìtàn òkú

Kí á máa ka ìtàn òkú, kí á sì máa bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wá, àwọn kan ń pè é ní "ìkàwé alárìíwísí". Èmi ò gbà. Nílẹ̀ wa níbí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ́, bí ẹ bá sọ fún ọmọ olókùú pé ẹ fẹ́ ṣe àríwísí ìwé bàbá rẹ̀, àga tí wọ́n gbé fún yín ni wọ́n máa gbà padà. Àríwísí ti rí àléébù kó tó ṣí ìwé. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ló gbé e lárugẹ, kí wọ́n máa lò ó lórí ewì wọn. Ewì kò ní mọ̀lẹ́bí. "Òfíntótó" ni mo mú ní tèmi. Wọ́n á ní atojúbọ̀ ni olófìn-íntótó, ẹni tí ń bèèrè ohun tí kò kàn án. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ ọ́? Níbo lòun ti gbọ́ ọ? Ìyá ta ni? Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ ẹni yẹn? Ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn, a kò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

"Ìkéde ìpapòdà" tí àwọn kan tún fi ń pe ìtàn òkú kò tọ́. Ìkéde ni èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tó sọ ọjọ́ àìsùn àti ọjọ́ ìsìnkú. Ìtàn òkú ni èyí tó wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, tí wọ́n máa ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a bí bàbá wa sí ìdílé ọlọ́lá". Èyí là ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé ẹni tó bá mọ aṣọ ìpò àwọn ará Bùnú, nítòsí Kàbà. Aṣọ pupa tí wọ́n ń hun fún ìsìnkú ẹni ńlá láyé àtijọ́ ni. Ẹ̀yẹ òkú ni, kò sí ẹni tó máa bá a jà. Ṣùgbọ́n òwú pupa inú rẹ̀, ara búláńkẹ́ẹ̀tì òyìnbó ni àwọn ahunṣọ ti máa ń tú u, kí wọ́n tó tún un hun. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn òkú: aṣọ ẹ̀yẹ ni lódindi, ṣùgbọ́n fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti tú u wá. Òfíntótó ni kí á wá ibi tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ẹ jẹ́ kí á fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo pa bàbá náà pọ̀ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi nílé. Ó kú ní 2015. Ìwé rẹ̀ ní wọ́n bí i ní Ìyàrá, Ìpínlẹ̀ Kogí, ní 1931, ó dàgbà lábẹ́ bàbá rẹ̀ ní agbo ilé ìjòyè, ó wọ ilé ìwé ní 1936, ó sì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní 1991. "Ìpínlẹ̀ Kogí" yẹn, mi ò ní bá a jà. 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹkùn Kàbà ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n bí i.

Ọdún ìbí ló yẹ kí á dúró tì. Nígbà tí wọ́n bí bàbá yìí, àwọn òbí wa kì í kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ ìsìnkú, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibo wá ni 1931 ti wá? Ẹ yọ 1931 kúrò nínú 1991: ọgọ́ta ọdún géérégé, iye ọdún tí ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ lọ sinmi. Nítorí náà, àwọn ọmọ kò gbọ́ 1931 lẹ́nu ìyá àgbà kankan. Inú fáìlì ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ti kọ ọ́ jáde, ẹni tó sì kọ ọ́ sínú fáìlì ni bàbá fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tó ń wá iṣẹ́. Ta ni yóò sọ fún ọ̀gá pé òun ti dàgbà kọjá iṣẹ́ tí òun ń wá?

Ilé ìwé náà tún tú u fó. Bí ọdún 1931 bá jóòótọ́, ọmọ ọdún márùn-ún ló wọ ilé ìwé. Láyé ìgbà tí ọmọ gbọ́dọ̀ na ọwọ́ kọjá orí kan etí kejì kí wọ́n tó gbà á sílé ìwé, ọmọ ọdún márùn-ún wo nìyẹn?

Ẹ fi ìtàn sílẹ̀ wàyí, kí ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí àwọn ẹbí ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìdárò. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, nítorí ìgbìmọ̀ kì í ráyè tún un ṣe. Màmá arúgbó kan ní ìlú Ìyámoyè ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ìwọ lo pọ̀n mí." Ẹ padà sínú ìtàn: orúkọ màmá yìí kò sí níbẹ̀. Orúkọ bàbá tirẹ̀ sì yàtọ̀. Iyekan ni wọ́n, ìyá kan náà, bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó fi hàn pé ìyá wọn kúrò nílé ọkọ àkọ́kọ́, ó lọ fẹ́ ọkọ ní Ìyámoyè, ọmọkùnrin rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bí kò bá tẹ̀ lé e, báwo ló ṣe máa pọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀? Ẹnu àwọn ọbàkan rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti gba ìtàn èwe rẹ̀, ilé bàbá ni àwọn yẹn mọ̀, ni ìgbà èwe Ìyámoyè bá pòórá tòun ti àbúrò.

Ìyámoyè wá ni kí ẹ lọ, kì í ṣe Ìyàrá. Ẹ bèèrè ìjọ tí màmá náà ń lọ. Bó bá jẹ́ ẸKÚWÀ, ìwé ìrìbọmi kò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí ẹni tó ti gbàgbọ́ ni wọ́n ń rì, ó lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Áńgílíkà àti Àgùdà ló ń ṣe é fún ọmọ ọwọ́, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá síbẹ̀. Ká ní Áńgílíkà ni, tí ẹ sì rí màmá yìí níbẹ̀ lọ́dún 1927, tí wọ́n kọ "ọmọ ọwọ́" sí i. Ẹ fi orúkọ ìyá wéra pẹ̀lú èyí tó wà nínú ìtàn, kí ẹ má lọ mú ìyá ẹlòmíràn. Ọmọ tó lè pọn ọmọ kì í kéré ju ọdún márùn-ún. Nítorí náà, bàbá ti wà láyé ní nǹkan bí 1922, ó wọ ilé ìwé ní bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, kì í ṣe mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí wọ́n tẹ̀ sára ìwé.

Ẹnìkan á ní ṣé arúgbó kò lè gbàgbé ni. Ó lè gbàgbé ọdún. Mi ò gbára lé ọdún tó dárúkọ rárá, ìwé ìjọ ni mo gbára lé. Ipò ìbí ni mo gbà lẹ́nu rẹ̀, ta ló ṣíwájú ta. Ìyẹn kì í sábà yẹ̀ lórí arúgbó, nítorí ojoojúmọ́ ló fi ń pe ẹnìkan ní ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ kí ẹ rí i dájú pé pípọ̀n sẹ́yìn ni ó ń wí. Bó bá jẹ́ pé "ó tọ́ mi" ló kọ, ìyẹn lè jẹ́ owó ilé ìwé, kò sì sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ orí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìdílé yín, ẹ kọ ọ́ báyìí: "A bí i ní nǹkan bí 1922 tàbí ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìrìbọmi àbúrò rẹ̀ ṣe fi hàn, fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ àti ìwé ìsìnkú ní 1931." Ẹ má pa 1931 rẹ́. Òun ni ọjọ́ orí tó fi gba owó ìfẹ̀yìntì, òun ni ẹ ó sì bá nínú gbogbo ìwé ìjọba tó bá ní orúkọ rẹ̀.